Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

“Ọ̀nà kan kò wọ ọjà,” ni àwọn àgbà wí, òótọ́ sì ni. Ohun tí wọn kò wí ni pé kí ẹnì kan ṣoṣo gba gbogbo ọ̀nà náà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn akọ̀wé òde òní ló fi èyí kún un, ibi tí àwárí wọn sì ti hàn jù ni ibi tí wọ́n bá ti ń to iṣẹ́ lẹ́sẹẹsẹ.

Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í ṣàìní ọ̀nà tí yóò gbà di ohun tí a lè tò. Ẹni tó fẹ́ lo “kọ” lè fi àpètúnpè sọ ọ́ di “kíkọ”, ó lè fi àfòmọ́ sọ ọ́ di “àtikọ”, ó sì lè fi odidi gbólóhùn gbé e kalẹ̀ pé “kí ó kọ”. Kò sí èyí tó burú nínú wọn. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí gbogbo wọn bá pàdé lórí ìlà kan. Irú ìwé tí ẹgbẹ́ onílé máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri nìyí:

“Iṣẹ́ akọ̀wé ni kíkọ ohun tí a bá sọ ní ìpàdé, gbígba owó oṣooṣù, àtipe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jọ, kí ó sì máa fi lẹ́tà ránṣẹ́, àti olùtọ́jú kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn.”

Méjì àkọ́kọ́ bá ara wọn mu. Ẹ̀kẹta yà sí “àti-”, ẹ̀kẹrin di gbólóhùn, ẹ̀karùn-ún kì í tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ mọ́: ènìyàn ni. Ohun tí ìwé náà sọ ni pé olùtọ́jú kọ́kọ́rọ́ wà lára iṣẹ́ akọ̀wé, bóyá òun ni yóò máa fún un lóúnjẹ. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò fara sin. Ìgbìmọ̀ ló kọ ọ́: oníkálùkù ju tirẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe bọ́ sí i lẹ́nu, akọ̀wé gbà á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó tún un kà láti òkè.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju kí a mú ọ̀nà kan lọ: “kíkọ ohun tí a bá sọ ní ìpàdé, gbígba owó oṣooṣù, pípe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jọ, fífi lẹ́tà ránṣẹ́ àti títọ́jú kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn.” Bí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá gùn, “kí ó máa kọ… kí ó máa gba…” ló rọrùn jù, nítorí gbólóhùn lè gbé ẹrù tí “kíkọ” kò lè gbé.

Àwọn kan gbà pé kí a kàn fi ọ̀rọ̀ ìṣáájú síwájú ohun kọ̀ọ̀kan, kí a gbọ́ bó ṣe dún. “Iṣẹ́ akọ̀wé ni olùtọ́jú kọ́kọ́rọ́” yóò ta létí lóòótọ́, ṣùgbọ́n “iṣẹ́ akọ̀wé ni kí ó máa fi lẹ́tà ránṣẹ́” yóò kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ ohun kọ̀ọ̀kan ló tún yẹ kí a fi wé ara wọn.

Nígbà mìíràn, ìyapa náà a máa yí ìtumọ̀ padà. “Alága ṣèlérí títún ọ̀nà ṣe, gbígbẹ́ kànga, ó sì pín owó ìrànwọ́.” “Ó sì pín” kò sí lábẹ́ “ṣèlérí” mọ́; ẹni tó bá kà á yóò gbà pé owó ti dé ọwọ́ aráàlú. “Pípín owó ìrànwọ́” ì bá dá a padà sí ipò ìlérí, níbi tó ti wà tẹ́lẹ̀. Kò dájú pé gbogbo ẹni tó ń kọ irú rẹ̀ ló ṣèèṣì.

Gbólóhùn ìfiwéra pẹ̀lú kò bọ́ lọ́wọ́ ìyapa yìí. “Lílọ sí ìpàdé wu akọ̀wé ju ìyàwó rẹ̀ lọ” lè dá ìjà sílẹ̀ nílé, bẹ́ẹ̀ ohun tó fẹ́ sọ kò ju “ju jíjókòó ti ìyàwó rẹ̀ lọ” lọ. Bí “lílọ” bá wà níwájú “ju”, irú rẹ̀ ló yẹ kó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ “ó sàn kí ó lọ” ni, kí ó jẹ́ “ju kí ó jókòó lọ”.

Ibì kan wà tí ìyapa kì í ṣe àṣìṣe. Nínú “wíwá sí ìpàdé, sísan owó àti àìpẹ́ lẹ́yìn”, ohun ìkẹyìn kò jọ àwọn yòókù, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè fi àpètúnpè sọ òdì náà: àpètúnpè kì í gba “kò” mọ́ra, “àì-” ni èdè fi ń sọ òdì rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dọ́gba lè sọ ìkẹyìn di “títètè dé”.