Ọ̀gá Sólà àti Àwọn Tí Kò Pè

Ẹ bá mi kí Ọ̀gá Sólà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta ìnfátà ní Gyellesu, ní Sàríà. Bí ẹnu bá ń tan iná ni, òkùnkùn ì bá ti ṣí kúrò ládùúgbò wọn.

Àlàájì kan tó ní ilé ẹ̀kọ́ ní kó wá fi ẹ̀rọ náà han òun. Ọ̀gá mi dá ọjọ́: Jímọ̀ọ́, aago kan ọ̀sán. Ní Sàríà o! Ó fi kẹ̀kẹ́ Nápẹ́ẹ̀pù gbé bátìrì débẹ̀, gbogbo ilé ti lọ kírun. Ewúrẹ́ méjì ló gbà á lálejò, ọ̀kan sì tọ́ ìwé iye owó rẹ̀ wò.

Wọ́n sún un sí ọjọ́ Ajé. Àlàájì nìkan ló jókòó. Gílóòbù mẹ́fà tàn, fáànù méjì ń yí, Àlàájì ń rẹ́rìn-ín. Àfi bí ọmọkùnrin tó ń fa omi ṣe yọjú: "Ọ̀gá, ṣé ó lè gbé ẹ̀rọ omi?" Ọ̀gá Sólà fọwọ́ lu àyà: "Kí ni kò ní gbé!"

Ìnfátà rẹ̀ kò ju 2 kéfíéè lọ, nǹkan bí 1,600 wáàtì. Ẹ̀rọ omi náà jẹ́ 1.5 họ́ọ̀sì, nǹkan bí 1,120 wáàtì. Lórí ìwé, ààyè ṣì kù. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá fẹ́ gbéra, ó lè fa ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́fà iná tó ń lò bó bá ti ń sáré. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì. OVERLOAD hàn lójú ẹ̀rọ, ó han gooro, gílóòbù kú, fáànù ń rọra yí bí ẹni tó ń dágbére. Oníná ilé ẹ̀kọ́ náà, tí ẹnikẹ́ni kò pè, yọrí lójú fèrèsé: "Mo mọ̀. Irú èyí kì í pẹ́."

Àlàájì wá tún sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé ẹ̀gbọ́n òun ní Kánò ló máa sanwó.

Ọ̀gá Sólà, fóònù kan péré ni! "Àlàájì, ta lẹ fẹ́ kó bá yín wò ó?" Má bi í bóyá òun ló lówó, èébú ni. Bi í lẹ́sẹẹsẹ: ta ni yóò máa tan án? Oníná yín ńkọ́, ó yẹ kó sọ ohun tó wà lórí wáyà kí n tó gbé ẹ̀rọ jáde nílé. Ta lẹ máa gbìmọ̀ pẹ̀lú kẹ́ ẹ tó san? Bí ẹni mẹ́rin bá pé, ó tó. Oníná tó bá wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò sọ ìṣòro rẹ̀ kí ìnfátà tó han.

Ó gbọ́ o. Lánàá ló pè mí: oníbàárà tuntun, ó ti béèrè gbogbo ẹni tó ń bọ̀. Wọ́n ní mọ́kànlá. Ó ní kí n yá òun ní àga.