Ọ̀gá Yí Pásíwọ̀ọ̀dù, Fóònù Ò Gbọ́

Ẹ bá mi wo ọ̀gá wa! Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ní àsìkò ti tó, kí wọ́n yí pásíwọ̀ọ̀dù wọn padà. Wọ́n yí i lóòótọ́. Wọ́n fi lẹ́tà ńlá sí i, wọ́n fi nọ́ńbà sí i, wọ́n wá fi àmì kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ rẹ̀ dè é nídìí. Wọ́n dìde, wọ́n ṣá apá agbádá sókè, wọ́n ní olè tó bá lè mọ eléyìí, kó máa bọ̀. Kí agbádá tó balẹ̀, Wáyífáì ti lé fóònù wọn jáde.

Ni igbe bá ta: "Wáyífáì yín ti bàjẹ́!" Wọ́n ní òjò àná ni. Wọ́n ní àwọn ará ẹ̀ka ìṣirò owó ló ń fi wo bọ́ọ̀lù. Bẹ́ẹ̀ akọ̀wé wọn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń fi Wáyífáì yẹn gan-an ná aṣọ òkè, ara tù ú.

Wáyífáì ilé kọ́ lèyí o, ọ̀gá mi. Nílé, pásíwọ̀ọ̀dù kan ni tọmọdé tàgbà ń lò, títí kan aládùúgbò tó ní òun fẹ́ fi wo nǹkan kékeré kan lọ́dún kẹta, tí kò tíì wò ó tán. Ní ọ́fíìsì tó ń lo WPA2-Enterprise, orúkọ àti pásíwọ̀ọ̀dù oníkálukú ló ń mú un wọlé. Ẹ̀rọ tí wọ́n kàn mọ́ àjà yẹn ò mọ pásíwọ̀ọ̀dù ẹnikẹ́ni; iṣẹ́ ló ń jẹ́ fún séfà Rédíọ́ọ̀sì, séfà yìí ló ń yẹ orúkọ wò nínú àkáǹtì àwọn òṣìṣẹ́. Séfà ti gbọ́ pé ọ̀gá yí pásíwọ̀ọ̀dù. Fóònù ni ò gbọ́. Èyí tó tọ́jú pamọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ so ó pọ̀ ló ṣì ń gbé lọ, bí ẹ̀gbọ́n ọkọ tó ń fi orúkọ ìyàwó àtijọ́ kí ìyàwó tuntun.

Kò sì kí i lẹ́ẹ̀kan kó dákẹ́. Nínú àpò agbádá, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, ó ń gbìyànjú, ó tún ń gbìyànjú. Níbi tiwa, tí àṣìṣe bá pé márùn-ún, àkáǹtì á tì pa. Bí kọ̀ǹpútà náà ṣe lé ọ̀gá jáde nìyẹn, ímeèlì náà tẹ̀ lé e. Wọ́n ní àwọn ọmọ Yàhúù ti dé!

Ọmọ tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ṣí àkáǹtì. Ọ̀gá ní àwọn ti pa fóònù náà, àwọn ti tún un tàn, kí ló kù? Pípa àti títàn kì í pa ohun tó ti tọ́jú rẹ́. Ọmọ náà wọ sẹ́ẹ̀tìn, ó tẹ Forget, ó tún un so pọ̀ pẹ̀lú pásíwọ̀ọ̀dù tuntun, ó rí i dájú pé ó ń yẹ sátífíkéètì séfà wò, torí fóònù tí kì í yẹ ọ̀nà wò lè gbé pásíwọ̀ọ̀dù fún ayédèrú Wáyífáì tó bá jẹ́ orúkọ kan náà. Fóònù wọlé. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Tíì wọn ò tíì tutù tí àkáǹtì fi tún tì pa.

Ó di inú àkọsílẹ̀ séfà:

```
Event ID: 6273
Reason Code: 16
```

Ìyẹn ni pé orúkọ àti pásíwọ̀ọ̀dù ò bára mu. Orúkọ ọ̀gá ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì ẹ̀rọ náà kì í ṣe ti fóònù ọwọ́ wọn. Àdírẹ́sì nìkan ò tó gbé ara lé, torí fóònù ayé ìsinsìnyí máa ń fi ayédèrú àdírẹ́sì bojú. Ohun tó tú àṣírí ni ẹ̀rọ orí àjà tí ìbéèrè náà gbà wọlé: èyí tó dojú kọ ibi ìgbọ́kọ̀sí ni.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Dẹ́rẹ́bà jókòó sínú ọkọ̀, ó di fóònù àtijọ́ tí ọ̀gá fi ta á lọ́rẹ nígbà Iléyá mú. Ọ̀gá ò pa nǹkan kan rẹ́ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sílẹ̀. Láti ìgbà yẹn, orúkọ ọ̀gá àgbà ni dẹ́rẹ́bà fi ń gbọ́ fújì lórí Wáyífáì ọ́fíìsì.

"Sà, láti àárọ̀ ni ò ti lọ mọ́," ló wí. "Àbí ẹ ò tíì san owó dátà ni?"

Ọmọ kọ̀ǹpútà tẹ Forget sórí ìyẹn náà, àkáǹtì sinmi. Ó wá bẹ ọ̀gá pé nígbà mìíràn, kí wọ́n kọ́kọ́ pa Wáyífáì gbogbo ẹ̀rọ wọn kí wọ́n tó yí pásíwọ̀ọ̀dù, kí wọ́n tẹ Forget sórí èyí tí wọ́n bá ń tàn padà, kí wọ́n sì rántí tábúlẹ́ẹ̀tì tó wà nínú dúrọ́ọ̀.

Ọ̀gá ní àwọn ti gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, ìwé jáde sí gbogbo òṣìṣẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi orúkọ ẹlòmíràn wọ Wáyífáì mọ́. Dẹ́rẹ́bà ni wọ́n ní kó pín in.