Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju eéje lọ. Àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàlúù lásìkò Kérésì gbọ́ òwe yìí yé ju ẹni tó pa á lọ. Wọ́n á kọ ẹ̀fà gàdàgbà: “Lọ́ndọ̀nù sí Èkó, £700! Ẹrù kílò 46! Ẹ yí ọjọ́ padà lọ́fẹ̀ẹ́!” Ìyókù wà nísàlẹ̀, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́.

Ọmọ Ìgbàrà-Òkè kan ní Pẹ́kámù rí i, ó ní Ọlọ́run ṣé o. Ká ní ọjọ́ 10 Oṣù Kejìlá ló mú, tí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ wá ní kó dúró di ọjọ́ 20. Ṣebí ọ̀fẹ́ ni? Owó ìtanràn nìkan ni wọ́n fojú fò. Nínú bàlúù kan náà, iye orí àga ò dọ́gba, èyí tó rọjú ló sì ń kọ́kọ́ tán. Bí ti ọjọ́ 20 bá ti di £1,150, ìyàtọ̀ £450 ni yóò san lórí “ọ̀fẹ́”. Eéje nìyẹn.

Ẹrù ni ẹ̀jọ. Báàgì méjì ni wọ́n ń wí, kílò 23 kọ̀ọ̀kan. Ó di ọ̀kan ní 27, èkejì ní 19. Àròpọ̀ rẹ̀ pé 46 géérégé, síbẹ̀ wọ́n á gbowó lórí èyí tó wúwo. Ó dé Èkó, ó fẹ́ wọ bàlúù abẹ́lé lọ sí Akúrẹ́ pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀. Bí ibẹ̀ bá ń gba kílò 20 péré, kílò 26 tó kù di olówó. Nígbà tó bá sọ̀kalẹ̀, awakọ̀ tí yóò gbé e la Akúrẹ́ kọjá dé Ìgbàrà-Òkè ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sọ gbogbo iye tó máa gbà kó tó ṣíná ọkọ̀.

Bẹ́ẹ̀, kò ṣòro láti kọ gbogbo rẹ̀ síta báyìí:

“Àlọ àtàbọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti £700, àga tó wà ní iye yìí kò pọ̀. Ẹ lè yí ọjọ́ padà lẹ́ẹ̀kan láìsan ìtanràn, bí ẹ bá sọ fún wa ní wákàtí 48 ṣáájú. Ẹ ó san ìyàtọ̀ owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ ò lè yí i sí àárín ọjọ́ 21 Oṣù Kejìlá sí ọjọ́ 2 Oṣù Kìn-ín-ní. Báàgì méjì, kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju kílò 23. A kì í fi èyí tó fúyẹ́ dí èyí tó wúwo. Owó Akúrẹ́ kò sí nínú rẹ̀; kílò 20 ni wọ́n ń gbà níbẹ̀.”

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ báyìí, àwa náà la ó sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù, a ó sì gba ọ̀dọ̀ ọlọ́fẹ̀ẹ́ lọ. Irọ́ ì bá ti kógbá wọlé tipẹ́, àwa la ń ná an lọ́dọọdún.