Àáké Tí A Yá
Nígbà tí ó kàn mí láti sọ ọ̀rọ̀ ìyànjú oníṣẹ̀ẹ́jú mẹ́wàá fún ẹgbẹ́ àdúrà ibi iṣẹ́ wa, ẹ̀kọ́ méje ni mo kọ́kọ́ dì bí ìdì igi, kí n tó rántí pé ẹni tó lé eku méjì ń pòfo, áḿbọ̀sì eku méje. Mo gé mẹ́fà dànù, mo mú ìtàn irin àáké tí ó bọ́ sínú Jọ́dánì nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 6, nítorí igbe ọkùnrin tí ó bọ́ mọ́ lọ́wọ́, pé ńṣe ni òun yá a, ti gbé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo náà jáde kí n tó la ẹnu: ohun ẹlòmíràn, dídá padà ló yẹ ẹ́. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá wa tó yá agbòòrùn mi lọ́dún tó kọjá ni àmín rẹ̀ ròkè jù. Agbòòrùn kò tíì dé.