Ọ̀gbẹ́ni Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀

Láti Òṣú, tí ó wà lójú ọ̀nà tí ó ti Iléṣà lọ sí Ilé-Ifẹ̀, títí dé Iléṣà Ọwá Obòkun, bí a bá sì yà kọjá sí Òṣogbo Òròkí, ìlú aró, kò sí ọjà kan tí ó lórúkọ tí irú ọkùnrin tí mo fẹ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ yìí kò sí níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ń ta fáànù, fíríìjì àti tìmùtìmù ni ó gbà á síṣẹ́. Nínú ìwé, òun ni alákòóso ìpolówó. Ní ti gidi, òun kan náà ni ó ń kọ rìsíìtì, tí ó ń lé ewúrẹ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tí ó sì ń da epo sí jẹnẹrétọ̀ bí iná bá lọ. Ṣùgbọ́n bí ọdún bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì, tí ọ̀gá bá pè é sí yàrá ẹ̀yìn, tí ó ní kí ó lọ wá nǹkan sọ fún àwọn oníbàárà, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn: kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ rán an ní epo mọ́, nítorí òun nìkan ni ó mọ bí a ti ń kọ ìkíni ọdún sábẹ́ àwòrán, tí a óò sì fi ọjà títà gbè é lẹ́yìn láìjẹ́ pé ó dà bí ọjà títà. Nítorí pé kò sí èyí tí ó kọ rí tí kò fi “tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀” sí, orúkọ náà ni àwọn ará ọjà fi ń pè é.

Ọ̀gbẹ́ni Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ gbà pé ohùn tútù ní í yọ obì lápò, ó sì ti sọ ohùn tirẹ̀ di tútù tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi ń gbọ́ ohun tí ó ń sọ mọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní àkókò Iléyá kan. Àgbò ńlá ni ó wà nínú àwòrán náà, orúkọ ilé-iṣẹ́ sì tóbi ju àgbò lọ, lábẹ́ rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sí báyìí pé: “Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n, ọmọ Ọwá, ọmọ Ẹkùn, bí Ọlọ́run Ọba ti mú wa rí Iléyá ti ọdún yìí, bẹ́ẹ̀ ni a ó máa rí i lọ́pọ̀ ọdún nínú àlàáfíà, a kò ní fi ọdún gba òfò, ọ̀nà kò ní nà wá. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni a sì fi ń sọ fún yín pé, láti bá yín yọ̀, a gbé ẹ̀dínwó ránpẹ́ kan kalẹ̀ lórí àwọn ọjà wa kan, fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀.”

Ẹ̀dínwó ránpẹ́, tí ó jẹ́ èló? Lórí àwọn ọjà kan, àwọn wo? Fún ìgbà díẹ̀, títí di ọjọ́ wo? Bí o bá bi Ọ̀gbẹ́ni Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ní ìbéèrè wọ̀nyí, yóò wò ọ́ bí ẹni pé o ń ṣírò owó níbi ìsìnkú, nítorí lójú tirẹ̀ ọmọlúàbí kì í la ẹnu sọ iye owó níbi tí a ti ń ṣe àdúrà. Èyí tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé tẹlifóònù kì í gbé gbogbo ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlà àkọ́kọ́ bíi mélòó kan ni ó ń fi hàn, yóò sì ká ìyókù pamọ́ sẹ́yìn `... more`, àfi kí ènìyàn fi ìka tẹ ibẹ̀. Bí àdúrà bá sì ti gùn tó báyìí, kí ó tó kan ẹ̀dínwó ni tẹlifóònù ti ká ọ̀rọ̀ náà. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé “Àmín” ni àwọn ènìyàn ń kọ síbẹ̀ lọ bẹẹrẹbẹ, “Àmín lọ́pọ̀lọpọ̀”, “Àmín, ẹ ṣeun”, tí wọ́n sì ń kọjá lọ, tí ọ̀gá sì ń yọ̀ pé ìpolówó ti gbilẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn alámìín náà kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń ta fáànù.

Iléyá tilẹ̀ dẹrùn fún un. Ọjọ́ kẹwàá oṣù ni, nítorí náà láti ìgbà tí oṣù bá ti lé, àyè wà láti to ọ̀rọ̀. Ìtúnu ààwẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ó sùn, nítorí ààwẹ̀ lè jẹ́ ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó sì lè pé ọgbọ̀n, alẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n gan-an ni Sultan Ṣókótó sì ń kéde bí a bá rí oṣù tàbí a kò rí i. Ọ̀gbẹ́ni Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, tí kò fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ mìíràn kí oníbàárà ṣáájú òun, ti gbé ìkíni síta ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n rí, oṣù sì kọ̀, kò yọ. Ní ọjọ́ kejì, àwọn tí ọ̀fun wọn gbẹ, tí wọ́n ń ka wákàtí títí di ìrọ̀lẹ́, ń rí i lójú tẹlifóònù wọn tí a ń kí wọn kú ìtúnu, tí a sì ń bẹ̀ wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kí wọ́n wá ra fíríìjì tí yóò jẹ́ kí ohun mímu wọn tutù.

Ti Ọ̀ṣun Òṣogbo ní oṣù kẹjọ ní ọgbọ́n tirẹ̀. Gbogbo ayé mọ ọdún yìí. Láti ọdún 2005 ni UNESCO ti kọ igbó Ọ̀ṣun mọ́ ohun àjogúnbá ayé. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá a máa na owó sí i, a sì máa gbé àsíá wọn kọ́ sí ojú ọ̀nà tí Arugbá ń gbà lọ sí odò. Ọ̀gbẹ́ni Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kò fẹ́ kí ọjà náà fo òun dá, ṣùgbọ́n ẹ̀rù àlùfáà àti pásítọ̀ tí ó jẹ́ oníbàárà ń bà á. Ohun tí ó ń ṣe ni pé yóò kí gbogbo ènìyàn “kú àsìkò àṣà wa”, yóò lo àwòrán omi, yóò fi àwọ̀ ìyeyè sí i, kò sì ní dárúkọ Ọ̀ṣun títí ìkíni náà yóò fi parí. Yèyé Òṣogbo, tí a tìtorí rẹ̀ ṣe ọdún, nìkan ni a kò kí. Mo rò pé ọ̀wọ̀ tí ó kéré jù tí a lè bù fún ẹlẹ́bọ ni kí a dárúkọ rẹ̀ nígbà tí a bá ń jẹ ọdún rẹ̀.

Kì í ṣe pé ìbẹ̀rù rẹ̀ kò nídìí. Ẹyin lọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tí èyí yé tó báǹkì Sterling, tí ó fi búrẹ́dì Agéégé kí àwọn ènìyàn kú ọdún Àjíǹde ní oṣù kẹrin ọdún 2022, tí ó ní bí búrẹ́dì yẹn ti ń wú ni Jésù ṣe dìde. Ẹni tí ó kọ ọ́ rò pé àwàdà ni; àwọn aṣáájú Krìstẹ́nì ní ẹ̀gàn ni; ìgbìmọ̀ tí ń mójú tó ìpolówó ní wọn kò gbé e wá fún àyẹ̀wò kí ó tó jáde; báǹkì sì tọrọ àforíjì. Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀gbẹ́ni Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ti pinnu pé òun kò ní sọ ohunkóhun mọ́ tí ó bá ní ìtumọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i dì mú.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àìsọ̀rọ̀ nìkan ni, ǹ bá dárí jì í. Ohun tí ó wà lábẹ́ ọ̀wọ̀ náà ni ọ̀ràn. Ẹ gba fáànù ẹlẹ́sẹ̀ kan tí iye rẹ̀ jẹ́ 30,000 náírà ní gbogbo ọjọ́ ayé. Nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n lẹ bébà tuntun lé bébà iye owó rẹ̀, ó di 33,500. Nígbà tí ọdún dé, ilé-iṣẹ́ yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí í ṣe 3,350, láti bá oníbàárà yọ̀. Ohun tí ó ṣẹ́kù láti san jẹ́ 30,150. Oníbàárà ti ṣọdún, wọ́n ti kí i, wọ́n ti ṣàdúrà fún un, wọ́n ti dín owó fún un, ó sì ti fi 150 náírà san ju ẹni tí ó ra fáànù kan náà nígbà tí kò sí ọdún kankan. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 kò fẹ́ kí a fi iye owó ṣi ènìyàn lọ́nà, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàdúrà fún un lọ sọ́dọ̀ ìjọba?

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé àwa Ìjẹ̀ṣà kò mọ bí a ti ń pa ìkíni pọ̀ mọ́ ọjà. Àwọn Òṣómàáló tí ó gbé aṣọ kọ́ èjìká káàkiri ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, kíkí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kí onílé, wọn a béèrè ọmọ, wọn a béèrè oko, kí wọ́n tó tú ẹrù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kan owó, wọn a sọ iye rẹ̀, wọn a dá ọjọ́, bí ọjọ́ bá sì pé, wọn a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ títí owó náà yóò fi jáde. Àwọn ènìyàn a máa kùn sí wọn gidigidi, nítorí owó àwìn wọn ń gani lára. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òun kò mọ iye tí òun jẹ.

Ẹni tí ó wá ko Ọ̀gbẹ́ni Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ lójú ni ìyá àgbàlagbà kan láti Ìbòdì, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tẹ `... more`, tí ó sì ka gbogbo rẹ̀ sí i létí dópin. Ìyá náà wọ ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ kejì ọdún, ó jókòó, ó gba gbogbo ìkíni.

“Ẹ kú ọdún mà, ẹ kú ìyèdún. Ọ̀pọ̀ ọdún la ó ṣe láyé mà.”

“Àmín, ọmọ mi. Ọdún á yabo. Fáànù yẹn ń kọ́?”

Ó dìde lọ bá fáànù náà, ó fi èékánná họ etí bébà tí ó wà lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ká kúrò, 30,000 sì yọjú láti ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ìdọ̀tí tí ó ti wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

“Ẹ̀dínwó tí ẹ wí, lórí èwo nínú méjèèjì ni? Àbí bébà òkè ni ẹ dín, tí ẹ fi tìsàlẹ̀ sílẹ̀?”

Ọ̀gbẹ́ni Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ dọ̀bálẹ̀ lóòró, ó ní kí ìyá má bínú, ó ní tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni òun fi ń sọ ọ́ pé ètò ilé-iṣẹ́ ni. Ìyá náà kò bínú rárá. Ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó ka 27,000 síwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ìdá mẹ́wàá tí wọ́n sọ ni òun yọ kúrò lára 30,000. Ó wá gba ike omi kan tí ó rí lórí káńtà ní èènì, ó sì dúró de rìsíìtì. Bí ọkùnrin náà ti tẹrí ba tí ó ń kọ ọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ “Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n” sókè ìwé, ìyá náà na ìka sí i.

“Iye owó nìkan ni kí o kọ, ọmọ mi. Mo ti ṣe àmín ìyókù láti ilé.”