Ọmọ Iṣẹ́ Mi, Má Yọ Ọ́, Kà Á Gòkè

Àbúrò mi,

Nígbà tí ìyá rẹ fà ọ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní o mọ ìṣirò dáadáa. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n èmi náà mọ ìṣirò nílé ìwé, ohun tí ṣéńjì sì ti fi ojú mi rí nínú ṣọ́ọ̀bù yìí kì í ṣe kékeré. Mo kọ ọ́ sínú ìwé nítorí pé bí mo bá ní kí n fẹnu sọ ọ́, oníbàárà á wọlé, màá sì parọ́ pé ẹlòmíràn ló ṣẹlẹ̀ sí.

Kọ́kọ́ wo àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ wa. Ní Ìkẹjà GRA níbí, ẹni tó mú owó wá kì í sábà jẹ́ ẹni tó ni owó. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni, tàbí dírẹ́bà, tàbí mẹ́gáàdì tí wọ́n rán jáde láti inú ọgbà tó ní géètì gíga. Àwọn tó ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn ńlá tó wà lójú ọ̀nà Ọba Akínjọbí náà, aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ló rán wọn. Ẹni tí a rán á délé, á jíhìn. Bí ṣéńjì bá dín, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ wò lójú. Nítorí náà, kì í ṣe pé kí ṣéńjì pé nìkan. Ó yẹ kí ẹni tó gbà á lè kà á fún ọ̀gá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí o ṣe kà á fún un.

N kò mọ èyí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọbìnrin kan wá ra búrẹ́dì ₦1,500, sàdíìnì ₦1,400 àti mílíìkì ₦750. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦3,650. Ó fún mi ní ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Mo gbójú sókè bí ẹni tí wọ́n kọ ìdáhùn sí lára àjà, mo yọ 3,650 kúrò nínú ohun tí èmi nìkan mọ̀, mo sì fún un ní ₦350. Ó jù ú sínú náílọ́ọ̀nù, ó lọ.

Kò pẹ́ tí jíìpù kan fi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Màmá kan sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ró ìró mọ́ àyà, nẹ́ẹ̀tì ṣì wà lórí wọn, ọmọbìnrin yẹn ń sunkún lẹ́yìn wọn. Màmá bi mí pé èló ni ṣéńjì. Mo ní, "Mà, ẹ jẹ́ ká ṣe é lójú yín." Mo ṣe é, ó di ₦2,350. Màmá ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe, ó di ₦1,450. Wọ́n ní, "Èwo ni ká wá mú níbẹ̀?" Mo na ọwọ́ sí kakulétọ̀ mi, èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́. Wọ́n ti mú iná lọ, ìrọ̀lẹ́ sì ti ń di alẹ́. Kò hàn.

Màmá yìí ti ta aṣọ ní Agége fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ọkọ wọn tó kọ́lé sí GRA. Wọ́n ṣí pọ́ọ̀sì tiwọn, wọ́n sì to owó sórí kọ́ńtà mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́léósinmi. Wọ́n kọ́kọ́ pe iye ọjà: "3,650." Wọ́n fi àádọ́ta náírà lélẹ̀: "3,700." Wọ́n fi ọgọ́rùn-ún kan lé e: "3,800." Wọ́n fi igba náírà kan lé e: "4,000." Wọ́n fi ẹgbẹ̀rún kan parí rẹ̀: "5,000." Wọ́n wò mí. "Ṣé o rí ibi tí mo ti yọ nǹkan kúrò nínú nǹkan?" N kò rí i. Èyí tí wọ́n tò sílẹ̀, bí o bá kó o jọ, ₦1,350 ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó nílò láti mọ iye yẹn kí owó tó pé.

Ohun tó fà á tí èyí fi rọrùn nìyí. Nígbà tí o bá ń yọ 3,650 kúrò nínú 5,000, o ní láti yá nínú òdo, òdo náà á ní kí o lọ yá níbòmíràn, ibẹ̀ ni ẹgbẹ̀rún kan ti máa ń sọnù tàbí kí ó pọ̀ sí i. ₦2,350 tí mo kọ́kọ́ rí, ẹgbẹ̀rún tí mo yá tí n kò rántí san ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá ń gòkè láti iye ọjà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wàá máa bi ara rẹ: èló ló kù kó pé? Kó pé ọgọ́rùn-ún, lẹ́yìn náà kó pé ẹgbẹ̀rún, títí tó o fi dé orí iye tí oníbàárà mú wá. Owó kéékèèké ni kó o kọ́kọ́ gbé sílẹ̀. Mo ti fi ẹgbẹ̀rún bẹ̀rẹ̀ rí torí pé mo fẹ́ kó yá: 3,650 di 4,650, igba sọ ọ́ di 4,850, ahọ́n mi sì lọ́ kí n tó dé ọgọ́rùn-ún. Bí àádọ́ta bá ṣáájú, ẹnu kì í lọ́.

Pe é sókè o. Má kà á sínú. Mo rí ọmọbìnrin yẹn lẹ́yìn ìgbà náà tó ń tún un pè lábẹ́ ètè bí ó ṣe ń lọ, títí dé géètì wọn.

Ó tún ní irú oníbàárà kan tí yóò dójú tì ọ́ bí o kò bá mọ̀ ọ́n. Ọjà ₦3,650 kan náà, baba kan fún mi ní ₦5,150. Mo rò pé àgbà ti gbàgbé ìṣirò. Mo dá ₦150 padà pẹ̀lú ìtẹríba: "Bàbá, ó ti pọ̀ jù." Wọ́n tún tì í sọ́dọ̀ mi. Mo tún dá a padà. Báyìí la ṣe ń fi ₦150 sáré lórí kọ́ńtà tí àwọn tó wà lẹ́yìn wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí pòṣé. Baba wá ní, "Ṣáà fún mi ní ₦1,500." Mo bá rò pé gbájú-ẹ̀ ni wọ́n. Ó di ọjọ́ kejì kó tó yé mi. Owó kéékèèké tí wọ́n fi lé e, ọjà ni kó o kọ́kọ́ fi san: ₦150 jáde nínú ₦3,650, ó ku ₦3,500. Láti ibẹ̀ ni kó o ti gòkè: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kan, ó di 4,000, ẹgbẹ̀rún kan, ó di 5,000. Bébà méjì péré lo fún wọn dípò mẹ́rin, àádọ́ta àti ọgọ́rùn-ún tí à ń wá kiri sì wọlé sọ́wọ́ wa. Baba ń ràn mí lọ́wọ́, èmi sì ń fura sí wọn.

Ní báyìí, má rò pé kíkà gòkè jẹ́ oògùn. Bí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ bá wọ́, á gbé ọ dé òpin tó dán, wàá sì ti pàdánù. Lọ́jọ́ kan, ọjà ₦3,650 ni, ṣùgbọ́n ₦2,200 ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ló wà lẹ́nu mi. Mo fi ohùn kà á bí ẹni ń kéwì: 2,200, ọgọ́rùn-ún, 2,300, igba, 2,500, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, 3,000, 4,000, 5,000. Èmi àti dírẹ́bà tó wà níwájú mi, a jọ gbà pé ó pé. Ó tilẹ̀ kí mi pé mo ṣeun, n kò mọ̀ pé ó nídìí. ₦1,450 ló bá a lọ. Láti ìgbà yẹn, mo máa ń kọ iye ọjà sórí páálí kí n tó fọwọ́ kan owó, kí ojú lè rí ibi tí ẹnu ti ń bẹ̀rẹ̀.

Òpin náà lè wọ́. Owó tí oníbàárà mú wá, má jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Fi sórí kọ́ńtà, gbé nǹkan lé e, pe iye rẹ̀ sókè kó gbọ́, kí o sì jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí ṣéńjì fi kúrò níwájú rẹ. Ọjọ́ tí mo bá jù ú sí dúrọ́ọ̀ ni oníbàárà máa ń sọ pé iye tí òun mú wá jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo owó inú dúrọ́ọ̀ ló sì jọra. Wò ó dáadáa pẹ̀lú. Láti December 2022 tí owó tuntun ti jáde, ẹgbẹ̀rún tuntun di búlúù, ti àtijọ́ tó jẹ́ búráùn kò sì kúrò lọ́jà. Ní alẹ́ kan tí kò síná, mo gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àtijọ́ bí ẹgbẹ̀rún tuntun, mo sì kà gòkè dé orí owó tí kò sí. Orí ènìyàn ni kó o máa kà: èèyàn méjì ló wà lára ẹgbẹ̀rún, Mai-Bornu àti Isong, Azikiwe nìkan ló dá wà lára ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.

Ó ku ọ̀ràn àìsí ṣéńjì. Má so oníbàárà méjì pọ̀ bí kọ́ńdọ́ ọkọ̀ dáńfó. Mo ti so nọ́ọ̀sì kan pọ̀ mọ́ mẹ́gáàdì kan rí lórí ẹgbẹ̀rún kan, mo ní kí wọ́n lọ pín in níta. Ọ̀nà ilé nọ́ọ̀sì já sí Òpèbí, ti mẹ́gáàdì já sí Agége, àwọn méjèèjì sì padà wá bá mi. Bí àádọ́ta kò bá sí, sọ ọ́ kí o tó gba owó, kì í ṣe lẹ́yìn tí o bá ti pe 3,650.

Bí o bá sì ní láti jẹ oníbàárà ní ṣéńjì, kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Nígbà tí owó di góòlù ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, tí wọ́n ti ní owó àtijọ́ kò ní ná mọ́ lẹ́yìn February 10, kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó dá a padà ní March 3, kò sí bébà kankan lọ́wọ́ mi. Mo jẹ ọkùnrin kan ní ₦350, mo sì kọ "onífìlà pupa, 350" sára páálí Indomie, ọ̀rọ̀ parí. Kò parí. Onífìlà pupa mẹ́ta ló ti wá gbà á. Mo ti san án fún méjì, mo sì gbàgbọ́ pé ẹni tó ni ín gan-an kò tíì wá. Bó bá dé nígbà tí n kò sí nílé, sọ fún un pé mo lọ sí Abẹ́òkúta.