Sí Àbúrò Mi ní Moniya, Tó Fi Bírò Mẹ́ta Kun Nóòtù

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Gbangba ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, kí o má baà tún sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò jẹ́ kí o rí i. Mo rí nóòtù Iṣẹ́ Ọ̀gbìn rẹ. Gbogbo ìlà lo fi bírò fà sí nídìí, àfi bí ẹ̀wù eégún. Àmọ́ nígbà tí mo pa á dé, tí mo bi ọ́ ní ohun tó ń tan àrùn mosáìkì ẹ̀gẹ́ ká, òkè àjà lo ń wò. O ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ ọ́n, ojú ewé òsì ló wà." Wáẹ́ẹ̀kì ò ní bi ọ́ léèrè ojú ewé o.

O ní o ti ṣe káàdì. Èwo ni káàdì níbẹ̀? O kọ "Ṣàlàyé àrùn mosáìkì" síwájú, o wá da odidi ìpínrọ̀ sẹ́yìn. Bí o bá rántí ìdajì, o ó ní o gbà á, torí o fẹ́ràn ara rẹ jù. Ohun kan ṣoṣo ni kí káàdì kan béèrè. Wo bí mo ṣe tú ìpínrọ̀ náà:

Ìbéèrè: Kí ló ń fa mosáìkì ẹ̀gẹ́?
Ìdáhùn: Fáírọ́ọ̀sì.

Ìbéèrè: Kòkòrò wo ló ń gbé e kiri?
Ìdáhùn: Eṣinṣin funfun kékeré.

Ìbéèrè: Oko tí eṣinṣin náà ò tíì dé, báwo ni àrùn yìí ṣe lè wọ ibẹ̀?
Ìdáhùn: Nípa igi ẹ̀gẹ́ tó ti lárùn tí àgbẹ̀ gbìn.

Ìbéèrè: Ewé ẹ̀gẹ́ ní àbàwọ́n ìyeyè, ó sì lọ́ pọ̀. Àrùn wo ni?
Ìdáhùn: Mosáìkì.

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni kí o má fò. Nínú nóòtù rẹ, orúkọ àrùn ló ṣáájú àmì. Lóko, àmì lo máa kọ́kọ́ rí.

Tó bá kan nọ́ḿbà, béèrè ìdí rẹ̀ náà. "Igi ẹ̀gẹ́ mélòó ló wọ hẹ́kítà kan, bí àlàfo bá jẹ́ mítà kan sí mítà kan?" 10,000 ni, torí hẹ́kítà kan jẹ́ mítà 100 lọ́nà mítà 100. Bí o bá kọ ìdí yẹn sẹ́yìn, olùdánwò lè yí àlàfo padà, o ò ní sunkún.

Kó wọn jọ ní orí-orí: àrùn ẹ̀gẹ́ lọ́tọ̀, gbígbìn ẹ̀gẹ́ lọ́tọ̀, àrùn kòkó lọ́tọ̀. Fi rọ́bà di ìkọ̀ọ̀kan. Bí káàdì bá ju ogún lọ nínú ìdì kan, orí méjì lo pè ní ọ̀kan. Tú u ká.

Ṣùgbọ́n ìdì yìí náà ń tàn ọ́. Bí gbogbo káàdì tó wà lọ́wọ́ rẹ bá jẹ́ ti àrùn ẹ̀gẹ́, o ti mọ ìdáhùn kí o tó ka ìbéèrè. Nítorí náà, tí o bá ti gbà wọ́n nínú ìdì wọn, da ẹ̀gẹ́ pọ̀ mọ́ kòkó kí o sì pò wọ́n. Èyí tó bá gbé ọ ṣubú níbẹ̀, dá a padà sínú ìdì rẹ̀, kí o tún un gbà lọ́la.

Màámi ń wá páálí bísíkíìtì wọn. Mo ti sọ fún wọn pé ìwọ lo gé e ṣe káàdì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.